Eyín Mẹ́ta Kò Lè Jẹ Oúnjẹ Eyín Mẹ́fà
Ọ̀rọ̀ tí àwọn aṣojú òṣìṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù irin bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka wa ní Awoyaya

Ẹ̀yin tí ẹ ti Lakowe wá àti ẹ̀yin tí ẹ la gbogbo súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ já láti Ṣàngótẹ̀dó, ẹ kú ojú ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí á wá sọ lónìí, ọ̀rọ̀ ìṣirò ni. Ẹ má jẹ́ kí ó bà yín lẹ́rù. Ìsọdipúpọ̀ àti pínpín lásán ni, àwa tí a sì ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí kò kàwé ju ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti kíláàsì alẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ìṣirò yìí ni a fi dúró níwájú ọ̀gá nígbà tí wọ́n fẹ́ yọ owó típù kúrò nínú owó oṣù àbúrò wa kan, ẹ sì ti ń béèrè láti ìpàdé tó kọjá pé báwo ni a ṣe ṣe é.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ṣọ́ọ̀bù kan ní àgbègbè wa yìí, tí a kò ní dárúkọ rẹ̀, gba iṣẹ́ pílétì irin 40 fún àwọn tó ń ṣe maṣíìnì búlọ́ọ̀kù. Irin lásán ni, kì í ṣe irin líle. Pílétì kọ̀ọ̀kan gùn ní mìlímítà 500, ó fẹ̀ ní mìlímítà 60. Bí wọ́n ṣe rà á, ó nípọn ní mìlímítà 32, oníbàárà sì fẹ́ kí ó di 20. Nítorí náà maṣíìnì mílìn ní láti bọ́ mìlímítà 6 kúrò lójú kan, kí ó tún bọ́ 6 lójú kejì. Mìlímítà 3 ni wọ́n ní kí á máa gé lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn ni pé tébù á rìn lábẹ́ kọ́tà lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí pílétì kan tó parí.

Kọ́tà tó wà fún iṣẹ́ náà fẹ̀ ní mìlímítà 80, ó sì ní ilé típù 6. Akọ̀wé tó ń fi aago ka àkókò iṣẹ́ ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ìṣẹ́jú 6 ni gígé pílétì kan, wákàtí 4 ni gígé gbogbo 40, yàtọ̀ sí àkókò dídè àti títú. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú pé kí tébù máa rìn ní 400. Kò kọ iye típù síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó bi í.

Nígbà tí àbúrò wa dé sítọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, típù tó dára kò ju mẹ́ta lọ. Wọ́n ní kí ó máa fi mẹ́ta náà bẹ̀rẹ̀. Ó dè wọ́n mọ́ kọ́tà, ó gbé líbà sí 400 gẹ́gẹ́ bí ìwé ṣe wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kó tó parí pílétì kẹrin, típù kan ti fọ́; kó tó nawọ́ pa maṣíìnì, èkejì ti fọ́, ojú irin sì ti ya yánnayànna. Fóòmánù dé, ó ní, "Ìwàǹwára rẹ ló fa èyí, owó rẹ la ó fi ra òmíràn." Ọmọ náà ní, "Ọ̀gá, ohun tí ẹ kọ sínú ìwé ni mo ṣe." Ibẹ̀ ni wọ́n ti ránṣẹ́ pè wá.

Kí á tó sọ ohun tí a bá níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ ya nǹkan méjì tí wọ́n ń pè ní orúkọ kan náà sọ́tọ̀. Tí a bá ní fíìdì ní ṣọ́ọ̀bù mílìn, fíìdì méjì ló wà. Fíìdì tébù ni ìrìn tí tébù ń rìn ní ìṣẹ́jú kan, òun ni a kọ sára líbà. Fíìdì eyín ni ìwọ̀n tí eyín kọ̀ọ̀kan ń bù nínú irin nígbà tó bá kọjá, a kò kọ ọ́ síbì kankan lára maṣíìnì. Bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni típù ń jẹ. Àwọn tó ṣe típù máa ń tẹ̀ ẹ́ sára páálí rẹ̀. Lára páálí tiwa, ó wà láti mìlímítà 0.10 dé 0.20 fún eyín kan.

Ẹ wò ó bí ẹni pé àwọn ọmọ mẹ́fà jókòó yí àwo ẹ̀bà ká, tí ìyá wọn sì ń bù kún àwo náà láìdúró. Bí ó bá jẹ́ pé wọn ò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó kún àkúnwọ́sílẹ̀, òkèlè kékeré ni ẹnì kọ̀ọ̀kan á máa mú. Bí mẹ́ta bá dìde, tí ìyá kò sì dín ọwọ́ kù, òkèlè àwọn mẹ́ta tó kù á di ìlọ́po méjì. Tébù ni ìyá yẹn. Kò mọ iye ọmọ tó jókòó.

Bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀ nìyí. Kọ́kọ́ mọ iye ìgbà tí kọ́tà ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Típù kábáìdì wa lè gé irin lásán ní mítà 120 ní ìṣẹ́jú. Ẹ fi 1000 sọ ọ́ di púpọ̀ kí ó lè di mìlímítà, kí ẹ wá fi àyíká kọ́tà, ìyẹn 3.14 lọ́nà 80, pín in. Ẹ ó rí nǹkan bíi 478. Gíàbọ́ọ̀sì maṣíìnì náà kò ní 478, ó ní 450, ó sì ní 560. A mú èyí tó wà nísàlẹ̀, 450. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó wá sọ fíìdì eyín di púpọ̀ pẹ̀lú iye eyín, kí ẹ tún sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú yíyí yìí:

vf = fz × z × n

Nínú rẹ̀, vf ni fíìdì tébù, fz ni fíìdì eyín, z ni iye eyín, n sì ni yíyí ní ìṣẹ́jú. Tí a bá mú 0.15, tó wà láàárín méjèèjì lára páálí, tí eyín sì jẹ́ 6, 0.15 × 6 × 450 jẹ́ 405. Líbà maṣíìnì ní 400. Nítorí náà akọ̀wé kò purọ́: 400 tọ̀nà, fún eyín 6.

Nígbà tí eyín di mẹ́ta, ẹ yí ìṣirò náà padà. Ẹ fi 450 lọ́nà 3, tí í ṣe 1350, pín 400. Ó di 0.30 ó dín díẹ̀. Ohun tí páálí gbà kò ju 0.20 lọ. Èyí nìkan ti tó láti dá ẹjọ́ náà, ibẹ̀ ni a sì fẹ́ dúró sí. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wa ní kí á lọ wo kọ́tà náà fúnra rẹ̀, nítorí 0.30 lè ba típù jẹ́ ní kíákíá, ṣùgbọ́n kì í sábà fọ́ ọ lójú ẹsẹ̀ báyẹn lórí irin lásán.

A lọ wò ó. Típù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú ilé mẹ́ta tó tẹ̀ léra wọn, ilé kìíní, èkejì àti ẹ̀kẹta. Ilé mẹ́ta yòókù ṣófo. A bi ọmọ náà pé kí ló dé, ó ní ibẹ̀ ni súkúrù tó dára wà.

Ẹ̀yin ará, ibí yìí ni ìṣirò tó máa ń pín dọ́gba-dọ́gba ti ń tan ènìyàn jẹ. 0.30 yẹn, tí eyín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jìnnà síra wọn bákan náà ni. Nínú kọ́tà yìí, láàárín ilé kan sí ìkejì, tébù á ti rìn ní 0.15. Típù tó wà nílé kejì bù 0.15, ti ilé kẹta bù 0.15. Lẹ́yìn náà ilé kẹrin kọjá lófo, ìkarùn-ún lófo, ìkẹfà lófo, tébù kò sì dúró dè wọ́n. Ìgbà tí típù ilé kìíní bá fi máa dé, irin tó ń dúró dè é ti di ìlọ́po mẹ́rin, ìyẹn 0.60. Òun ló ń jẹ gbèsè àwọn mẹ́ta tí kò sí níbẹ̀. Nígbà tí òun fọ́, àlàfo náà fẹ̀ sí i, ti ilé kejì ní láti bu 0.75. Òun náà fọ́. Èyí tó kẹ́yìn ni ì bá bu 0.90 ká ní ọmọ náà kò pa maṣíìnì. Bí wọ́n ṣe fọ́ tẹ̀ léra wọn yẹn gan-an ni a bá wọn nínú kọ́tà: ti kìíní fọ́ dé gbòǹgbò, ti kejì fọ́ díẹ̀, ti kẹta wà ní odidi.

Ká ní típù mẹ́ta náà wà nílé kìíní, ẹ̀kẹta àti ìkarùn-ún, tí a sì gbé líbà sí 200, ẹnì kọ̀ọ̀kan ì bá bu 0.15 tirẹ̀. Ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ohun kan náà ni kí ẹ rántí nígbà tí típù kan ṣoṣo bá yọ nínú mẹ́fà. Ẹlòmíràn á ní márùn-ún ṣì kù, kò sí wàhálà, á fi márùn-ún pín in, á rí 0.18. Kò rí bẹ́ẹ̀. Mẹ́rin ń bu 0.15, èyí tó tẹ̀ lé àlàfo ń bu 0.30. Etí yín lè gbọ́ ọ: ní 450, típù 6 ń kan irin nígbà 45 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó máa ń dún bí ohùn kan tó gùn. Bí ọ̀kan bá ti sọnù, ẹ ó gbọ́ gbì, gbì, gbì nísàlẹ̀ ohùn náà, bíi méje tàbí mẹ́jọ ní ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹ má dúró wo ojú irin kí ẹ tó pa á.

Fóòmánù ní ọ̀rọ̀ kan tó dà bíi òótọ́. Ó ní tó bá jẹ́ pé irin pọ̀ jù fún kọ́tà, maṣíìnì ì bá ti kígbe, ìná mọ́tò ì bá ti gòkè, bẹ́ẹ̀ abẹ́rẹ́ áńmítà kò mì. A dá a lóhùn pé abẹ́rẹ́ kò lè mì. Ìdí ni pé ohun tí mọ́tò ń gbé ni iye irin tí a ń kó kúrò ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn kò sì mọ iye eyín rárá. Jíjìn gígé lọ́nà fífẹ̀ rẹ̀ lọ́nà fíìdì tébù ni:

Q = ap × ae × vf / 1000

Jíjìn wa jẹ́ 3, fífẹ̀ jẹ́ 60, tébù jẹ́ 400. Ó jẹ́ 72,000. Tí a bá fi 1000 pín in, ó di 72 kúbíìkì sẹntimítà ní ìṣẹ́jú. Ó kù díẹ̀ kó tó páálí ìṣáná mẹ́ta tí irin kún inú rẹ̀, ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo. Fún irin lásán, kílówáàtì kan ní ẹnu kọ́tà ń kó nǹkan bíi 30, nítorí náà 72 gba nǹkan bíi kílówáàtì 2.4, ó sì lè tó 3 ó lé díẹ̀ ní ojú mọ́tò nítorí èyí tí gíà ń jẹ lọ́nà. Eyín 6 tàbí eyín 3, Q náà kò yí padà, mọ́tò kò sì rí nǹkan tuntun. Kódà èérún tó nípọn máa ń rọ mọ́tò lọ́rùn díẹ̀ ju èyí tó fẹ́lẹ́ lọ. Típù nìkan ló ń jìyà, kò sì ní abẹ́rẹ́ tó lè fi sọ fún wa.

Níbi Q yìí náà ni a ti bá akọ̀wé aago jà díẹ̀, ìjà ọ̀rẹ́ ni o. Ó ti rò pé òun lè fi Q nìkan ṣírò àkókò iṣẹ́ tó kàn. Irin tí a bọ́ lára pílétì kan jẹ́ 500 × 60 × 12, ìyẹn 360 kúbíìkì sẹntimítà. Ẹ fi 72 pín in, ìṣẹ́jú 5. Bẹ́ẹ̀ ìṣẹ́jú 6 ni òun fúnra rẹ̀ fi aago kà. Ibo ni ìṣẹ́jú kan wọlé sí? Inú afẹ́fẹ́ ni. Kọ́tà ní láti ti ìta wọlé, kí gbogbo fífẹ̀ rẹ̀ sì tún jáde pátápátá lódì kejì. Mìlímítà 80 ti kọ́tà àti 10 ní orí kọ̀ọ̀kan, 100 ni, lórí 500. Tébù ń rin 600 fún gígé kan, ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀. Lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ìṣẹ́jú 6. Ìṣẹ́jú kan yẹn lórí pílétì 40 jẹ́ ìṣẹ́jú 40. Bí wọ́n bá fi Q nìkan kọ àkókò, ìṣẹ́jú 40 náà á di gbèsè lọ́rùn ẹni tó wà nídìí maṣíìnì. Bí pílétì bá ṣe kúrú tó, bẹ́ẹ̀ ni ìrìn inú afẹ́fẹ́ á ṣe pọ̀ tó nínú àkókò náà.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìtàn, ẹni tó kọ́kọ́ mú aago wọ ṣọ́ọ̀bù irin, Frederick Winslow Taylor ará Amẹ́ríkà, òun kan náà ló ka ìwé ńlá nípa gígé irin fún ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà ilẹ̀ rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1906, lẹ́yìn tó ti dán an wò fún ọdún 26. A kò fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀ nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ẹ mọ ìdí. Ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́, káàdì iṣẹ́ tirẹ̀ máa ń sọ irinṣẹ́ tí a ó lò, yíyí rẹ̀ àti fíìdì rẹ̀, kó tó sọ àkókò. Àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ mú aago, wọ́n fi ìyókù sílẹ̀.

Ó kù ìbéèrè kan tí ẹ máa ń bi wá: ṣé kí á kúkú máa rọra, kí á gbé líbà sísàlẹ̀ gan-an kí típù má baà fọ́? Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnu típù kábáìdì kì í mú bí abẹ́ tuntun. Wọ́n máa ń yí ẹnu rẹ̀ po díẹ̀ kó lè lágbára. Tí ẹ bá gbé tébù sí 63 pẹ̀lú eyín 6 ní 450, eyín kan kò ní bù ju 0.023 lọ. Eyín á máa ra irin ni, kò ní gé e. Ẹ ó rí èérún tó dà bí ìyẹ̀fun dípò èyí tó ká bí èékánná, ojú irin á máa dán bíi dígí, típù á gbóná, á sì kú kíákíá láìfọ́. Bí ẹ̀rù bá ń bà yín, jíjìn ni kí ẹ dín kù, láti 3 sí 2, kí fíìdì eyín dúró níbi tí páálí fi í sí. Q á bọ́ sí 48, mọ́tò á sì fúyẹ́.

Ẹ̀yin tí ń ṣiṣẹ́ lórí jẹnẹrétọ̀, ẹ fi èyí kún un. Nínú ọ̀pọ̀ maṣíìnì, tébù ní mọ́tò tirẹ̀, kọ́tà ní tirẹ̀. Bí bẹ́líìtì kọ́tà bá ń yọ̀, tí 450 di 350, tébù kò mọ̀, 400 rẹ̀ ló ń rìn. Ẹ fi 350 × 6 pín 400, fíìdì eyín ti di 0.19, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan líbà. Tébù ẹ lè fi aago ọwọ́ yẹ̀ wò: ní 400, mìlímítà 100 kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú-àáyá 15 lọ, kò sì gbọdọ̀ dín. Bẹ́líìtì ni kí ẹ máa fura sí jù.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí ẹjọ́ wa. Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà ti ọdún 1974, ní apá 5, sọ pé agbanisíṣẹ́ kò lè yọ owó òṣìṣẹ́ nítorí ohun tó bàjẹ́ àfi tó bá jẹ́ pé òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ hùwà àìtọ́ tàbí kò náání iṣẹ́, kí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sì ti kọ́kọ́ fọwọ́ sí i nínú ìwé. Ìwé ìfọwọ́sí kò sí. Ti àìnáání ni a fi ìṣirò dá lóhùn. A gbé e kalẹ̀ níwájú ọ̀gá báyìí: ìwé ní 400, sítọ̀ fún un ní típù mẹ́ta, kò sẹ́ni tó sọ fún un pé mẹ́ta gba 200, àti pé ní 200 iṣẹ́ wákàtí 4 di wákàtí 8. Ká ní ó fúnra rẹ̀ gbé e sí 200, wọn ì bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀lẹ ni.

A kò sì fi apá tiwa pamọ́. Nípa ilé típù tó tẹ̀ léra, a gbà pé ẹni tó ti pẹ́ nídìí mílìn ì bá mọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò tíì lo ọdún kan, a sì bi fóòmánù bóyá òun ti kọ́ ọ. Fóòmánù dákẹ́. Ọ̀gá béèrè bóyá àwa àgbà ti kọ́ ọ. Àwa náà dákẹ́.

Wọn kò yọ owó náà. Ohun tí a gbà ni pé ìwé iṣẹ́ á ní ojú ìlà mẹ́ta sí i ṣáájú àkókò: iye eyín tó wà nínú kọ́tà gan-an, yíyí rẹ̀, àti fíìdì eyín. Bí sítọ̀ kò bá ní típù tó pé, akọ̀wé ló máa tún àkókò ṣírò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. A béèrè kí wọ́n fi ojú ìlà kẹrin kún un fún ìrìn inú afẹ́fẹ́, wọ́n ní àwọn á rò ó, ìyẹn sì wà nílẹ̀ títí di òní. Pílétì 36 tó kù, típù mẹ́ta tó jìnnà síra ni wọ́n fi gé e, ní 200, ó sì gba wákàtí 7 ó lé ìṣẹ́jú 12.

Ẹni tó bá fẹ́ rí ìwé iṣẹ́ tuntun náà, ó wà lọ́wọ́ wa níbí. Ẹ mú iye eyín kọ́tà tiyín wá, kí á jọ ṣe é kí á tó tú ká.